Olùkọ́ Kẹ́mísírì Wo Ni Ká Gbà?

Ká sọ pé ilé-ìwé girama kan n'Ibadan ń wá olùkọ́ kẹ́mísírì fún SS1 dé SS3. Ìwé méjì ló kù níwájú ọ̀gá ilé-ìwé. Ọkùnrin kan gba dìgírì tó já gaara nínú ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí, ó sì lọ gba PGDE, ìwé-ẹ̀rí ìkọ́ni fún ẹni tí kò ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Ó kọ ọ́ pé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn ọmọ òun ló gba kírẹ́díìtì. Obìnrin kan gba dìgírì iṣẹ́ olùkọ́ nínú kẹ́mísírì, ṣùgbọ́n máàkì rẹ̀ kò ga tó ti ọkùnrin yẹn. Ó ní ọmọ 34 nínú 60 ló gba kírẹ́díìtì.

Ojú ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ lọ sára ọkùnrin náà. Ẹ má tíì yára.

Àwọn méjèèjì ní nọ́ńbà TRCN, àjọ tí òfin 1993 gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ olùkọ́ sílẹ̀. Ó yẹ ká yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orúkọ orí rẹ̀ bá ti ìwé-ẹ̀rí mu, bóyá ìwé-àṣẹ náà kò sì tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ ohun tó jẹ́rìí sí ni pé èèyàn kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Kò sọ bó ṣe mọ kẹ́mísírì tó.

Ibi tí èyí ti hàn ni ìwé máàkì yunifásítì. Ẹni tó ka kòkòrò àìfojúrí sábà máa ń ṣe kẹ́mísírì lọ́dún kìíní tàbí ìkejì, kó tó fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, apá kẹta ìdánwò kẹ́mísírì WAEC nínú láàbù ni wọ́n ti ń ṣe é: ọmọ yóò ṣe taitiréṣọ̀n, yóò sì dán iyọ̀ wò láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò ṣe taitiréṣọ̀n láti ìgbà ọdún kejì rẹ̀ kò ní í rọrùn fún un láti kọ́ ọmọ.

Èsì ìdánwò ló tún ń tanni jẹ jù. A1 dé C6 ni kírẹ́díìtì. Béèrè nínú iye ọmọ mélòó. Nígbà tí ọ̀gá náà béèrè, ọkùnrin yìí ní mẹ́wàá péré ni ilé-ìwé òun jẹ́ kó forúkọ sílẹ̀ fún kẹ́mísírì, nínú ogójì tó wà ní SS2, oṣù Kíní ọdún ìdánwò náà lòun sì dé. Iṣẹ́ ta ni èsì yẹn? Obìnrin náà ti gba kíláàsì tirẹ̀ láti SS1. Kó tó dé, 18 nínú 58 ló gba kírẹ́díìtì níbẹ̀. Ọdún kan kò tó fi dájọ́, torí náà kí ọ̀gá béèrè èsì ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ ilé-ìwé tó ti wá.

Ká ní olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni wọ́n ń wá, ọkùnrin náà ni mi ò bá kọ́kọ́ pè. Fún àyè yìí, obìnrin náà ni kí wọ́n fún ní ogójì ìṣẹ́jú níwájú SS2, pẹ̀lú bùrẹ́ẹ̀tì àti ásíìdì lórí tábìlì.