Àṣìṣe Kan, Ìyà Kan: Bí Wọ́n Ṣe Ń Gé Máàkì Nínú Ìṣirò Físíìsì

Àwọn tó ń máàkì ìwé físíìsì fún àjọ WAEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀. Olùkọ́ ni wọ́n. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìwé ọmọ kankan, wọ́n á kọ́kọ́ jókòó ṣe ìpàdé kòdínéṣọ̀n. Níbẹ̀ ni olórí àwọn olùyẹ̀wò yóò ti gbé ìlànà ìmáàkì kalẹ̀, tí gbogbo wọn yóò máàkì ẹ̀dà ìwé kan náà, tí wọ́n á sì wò ó bóyá máàkì wọn bára mu. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lórí ọmọ tí kò mọ nǹkan kan. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n àmọ́ tó kọ ọ́ jágbajàgba ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù. Òwú tí ọmọ náà so jẹ́ 80.0 cm, ó ka ìgbà 20 tó fì lọ tó fì bọ̀, aago sì fi 35.9 s hàn. Bó bá pín in, T jẹ́ 1.795 s, T² sì jẹ́ 3.222 s². Fọ́múlà ni g = 4π²L/T². Ká ní ìlànà fi máàkì 3 síbẹ̀, bó ṣe wọ́pọ̀: ọ̀kan fún fọ́múlà, ọ̀kan fún fífi iye sínú rẹ̀, ọ̀kan fún èsì pẹ̀lú ẹyọ ìwọ̀n. Èsì tó yẹ ni 9.80 m s⁻².

Ọmọ kan kò yí sẹ̀ǹtímítà padà sí mítà, ó wá rí 980. Bó bá kọ 980 cm s⁻², gbogbo máàkì ni tirẹ̀, torí òótọ́ ló kọ. Bó bá kọ 980 m s⁻², ohun tó ń sọ ni pé ayé ń fa nǹkan sílẹ̀ ní ìlọ́po 100 bó ṣe ń fà á. Máàkì èsì lọ nìyẹn. Bó bá sì fi 980 sílẹ̀ láìsí ẹyọ ìwọ̀n ńkọ́? Ohun tí ìpàdé bá fẹnu kò lé lórí nìkan ni olùyẹ̀wò lè ṣe. Lójú tèmi, òǹkà tí kò ní ẹyọ ìwọ̀n kò tíì di ìdáhùn, kò sì yẹ kí olùyẹ̀wò bá ọmọ parí rẹ̀.

Ti fígọ̀ tó ní láárí yàtọ̀ sí èyí. Ọmọ tó kọ 9.802138 m s⁻² kàn da gbogbo ohun tó wà lójú kakulétọ̀ sórí ìwé ni. Òwú àti aago rẹ̀ kò fún un ju fígọ̀ mẹ́ta lọ. Kódà, ẹ̀kẹta yẹn gan-an kò dájú: bí ìka bá fi 0.1 s pẹ́ kó tó tẹ aago, g yóò yẹ̀ ní bíi 0.05. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìyà fígọ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ ju ti ẹyọ ìwọ̀n lọ, ìdajì máàkì, lẹ́ẹ̀kan péré nínú ìbéèrè kan. Ẹni tó tètè gé T sí 1.8 yóò rí 9.75, ẹni tó lo 22/7 fún π yóò rí 9.81. Ìlànà tó mọ́yán lórí á fi àyè sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Àmọ́ nínú tábìlì, "80" kì í ṣe "80.0": rúlà tó ní mìlímítà yẹ kó hàn nínú ohun tí ọmọ kọ. Ẹyọ ìwọ̀n tábìlì, orí òpó ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ẹ̀ẹ̀kan tó.

Àṣìṣe tó ń rìn lọ síwájú ló gba sùúrù jù. Ká ní ọmọ ṣì í kà, ó pín 35.9 s sí 19 dípò 20. T di 1.889 s, g sì di 8.85 m s⁻². Olùyẹ̀wò á gé máàkì níbi T, lẹ́yìn náà á mú T tí ọmọ náà rí, á fúnra rẹ̀ ṣe ìṣirò yòókù, bí 8.85 bá sì jáde, á fún un ní gbogbo máàkì tó kù. Ẹ̀ẹ̀kan ni àṣìṣe kan ń jìyà. Iṣẹ́ ńlá ni fún ẹni tí ìwé kún iwájú rẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ náà ni ọwọ́ ti ń tẹ àwọn ọlọ́gbọ́n àrékérekè. Ọmọ tó há a sórí pé g jẹ́ 9.81 á wo 8.85, ẹ̀rù á bà á, á pa á rẹ́, á sì kọ 9.81 lé e. Èsì rẹ̀ jọ ti inú ìwé, àmọ́ tábìlì tirẹ̀ kò bí i, kò sì ní gba máàkì èsì.