Ìka mẹ́fà lórí ọwọ́ kan: bí a ṣe lè tún ibì kan ṣe nínú àwòrán láìba ìyókù jẹ́

Ọ̀rọ̀ àwòrán tí ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá ń yà ni mo gbé wá lónìí.

Mo fẹ́ ṣe ìwé àgbékọ́ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ kíkà láti ení dé àrún. Mo ní kí ẹ̀rọ kan yà ìyá kan fún mi, tó wé gèlè aláwọ̀ ewé, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó na ọwọ́ ọ̀tún sókè kí àwọn ọmọ lè ka ìka rẹ̀. Àwòrán náà dára, àfi ìgbà tí mo ka ìka: mẹ́fà ni! Ọmọ tó bá ka òótọ́ á sọ pé mẹ́fà, olùkọ́ á sì ní ó ṣì í kà.

Mo kọ ọ́ sí ẹ̀rọ pé kó tún ọwọ́ yẹn ṣe. Ìka di márùn-ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n gèlè di pupa, ojú ìyá náà sì di ojú ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀, ìyá yìí kan náà ló wà lórí ìwé mẹ́ta mìíràn tí mo ti tẹ̀. Ẹ̀bi mi ni: mo sọ ohun tó máa yí padà, n kò sọ ibi tí ọwọ́ ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dé.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó fà á. Ẹ̀rọ yìí kì í yà ìka kọ̀ọ̀kan bí ayàwòrán ṣe ń ṣe. Èérún àwọ̀ tó dàrú, bí ìgbà tí wọ́n da iyanrìn sílẹ̀, ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Á máa fọ̀ ọ́ mọ́ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi bá ọ̀rọ̀ tí a kọ mu. Tí a bá ní kó tún àwòrán yà, tí a kò sì fi ààlà sí i, ó lè da iyanrìn náà bo gbogbo rẹ̀, ojú àti gèlè pẹ̀lú. Nítorí náà, a ní láti fi ibi tí iyanrìn máa dé hàn án. Nínú Stable Diffusion, tí èèyàn lè gbé sórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, ibi tí wọ́n kọ `Inpaint` sí la ti ń ṣe é. A óò fi ohun ìkunlé orí ẹ̀rọ kun ibi tó bàjẹ́, ìyókù á sì dúró bó ṣe wà.

Ohun kìíní ni ìwọ̀n ibi tí a kùn. Tí a bá kun ìka kẹfà nìkan, àyè kò sí fún ẹ̀rọ láti tún àwọn ìka tó kù tò. Ó lè rí gbòǹgbò ìka níbẹ̀, kó tún fi ìka mìíràn sí i. Gbogbo ọwọ́ ni kí ẹ kùn, láti ọrùn ọwọ́ lọ sókè, kí ọ̀dà náà sì kọjá etí ọwọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó kan gèlè tàbí ojú.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ tí a máa kọ. Níbi tí a bá ti kùn báyìí, a kì í pàṣẹ, a kì í sì dárúkọ àléébù. Tí ẹ bá kọ ọ́ pé «mú ìka kẹfà kúrò», ìka kẹfà gan-an ni ẹ̀rọ máa gbọ́, ó sì lè yà á padà. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí ni kí ẹ júwe. Gẹ̀ẹ́sì ló sì gbọ́ dáadáa ju Faransé lọ, nítorí náà mo kọ ọ́ báyìí:

```
open right hand, palm facing viewer, five fingers, dark brown skin, soft light from the left
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni: ọwọ́ ọ̀tún tó là, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí wa, ìka márùn-ún, àwọ̀ ara dúdú, ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀ láti apá òsì. Ẹ kíyè sí i pé n kò dárúkọ ìyá, gèlè tàbí ògiri. Tí a bá yan `Only masked`, ẹ̀rọ á gé ibi tí a kùn jáde, á sọ ọ́ di ńlá, á tún un yà, á wá dá a padà sí àyè rẹ̀. Ìyẹn dára fún ohun kékeré bí ọwọ́. Àmọ́ tí ẹ bá júwe gbogbo ìyá náà, ẹ lè rí ìyá kékeré kan tó wé gèlè níbi tó yẹ kí ọwọ́ wà.

Ohun kẹta ni ìwọ̀n iyanrìn. `Denoising strength` ni wọ́n kọ sí i lójú ẹ̀rọ, láti 0 dé 1. Ní 0.3, ìka mẹ́fà mi kò kúrò. Ní 1, ẹ̀rọ gbàgbé ohun tó wà níbẹ̀ pátápátá, ọwọ́ tó yà kò sì bá ọrùn ọwọ́ mu. Ní 0.6, mo ní kó yà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì rí ẹyọ kan tó dára nínú wọn. Tí ọwọ́ tuntun kò bá so mọ́ apá dáadáa, ẹ fi kún iye tó wà ní `Only masked padding, pixels`, bóyá láti 32 lọ sí 64, kí ẹ̀rọ lè rí apá náà kó tó yà ọwọ́.

Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà tí kò sí ohun ìkunlé nínú wọn, ọ̀rọ̀ nìkan la fi ń bá wọn ṣiṣẹ́. Àwọn yẹn la máa ń pàṣẹ fún, ọ̀pọ̀ wọn sì gbọ́ Faransé. Ẹ sọ ohun kan ṣoṣo tó máa yí padà, kí ẹ wá dárúkọ ohun tó gbọ́dọ̀ dúró:

```
Change seulement la main droite : cinq doigts.
Garde le visage, le foulard vert, le mur, le cadrage
et la lumière exactement comme ils sont.
```

Síbẹ̀, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tún gbogbo àwòrán yà, ó kàn ń gbìyànjú kó jọ ti tẹ́lẹ̀ ni. Tí ẹ bá ń tún àtúnṣe ṣe lórí àtúnṣe, ojú á máa yí díẹ̀díẹ̀, bíi fọ́tòkópì tí wọ́n ṣe láti ara fọ́tòkópì. Nítorí náà, inú àwòrán àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ìyókù kò yí? Ẹ gbé àwòrán tuntun lé ti àtijọ́ lórí nínú GIMP, kí ẹ máa ṣí i, kí ẹ máa pa á dé. Ohunkóhun tó bá mira níbi tí kì í ṣe ọwọ́, àṣìṣe ni. Tí àwòrán méjèèjì bá tóbi bákan náà, ẹ lè pa gbogbo ti òkè rẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ nìkan sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ojú àti gèlè ti àtijọ́ ṣe máa hàn nísàlẹ̀.

Ohun kan ṣẹ́kù tó bọ́ mọ́ mi lójú. Mo ti tẹ ìwé náà, mo gbé e kọ́, ni ọmọbìnrin kan bá na ìka sí ògiri tó wà lẹ́yìn ìyá náà. Òjìji ọwọ́ yẹn wà lára ògiri, ìka mẹ́fà ló ní. Ẹ̀rọ kò débẹ̀ torí pé n kò kùn ún. Bí ẹ bá ń tún ohun kan ṣe, ẹ wá òjìji rẹ̀ pẹ̀lú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.