Ìkéde Ìrànwọ́ Tí Kò Tàbùkù Ẹnikẹ́ni

Ẹni tó bá ń gbọ́ rédíò nílẹ̀ Yorùbá mọ irú ìkéde yìí dáadáa. Orin arò á kọ́kọ́ wọlé, obìnrin kan á máa sunkún lábẹ́ ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ka nọ́ńbà àkáǹtì. Owó sì máa ń wọlé, ìyẹn ni wọn kò ṣe tíì jáwọ́ ńbẹ̀. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ obìnrin tó ń sunkún yẹn kì í sí nínú ìṣirò wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ́ aláàánú kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ wọn ni láti bá òbí san owó ìtọ́jú àwọn ọmọ tí wọ́n bí tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn yí sínú. Ọ̀nà tí Dókítà Ignacio Ponseti là sílẹ̀ ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń tẹ̀ lé báyìí. Wọ́n á rọra fọwọ́ tọ́ ẹsẹ̀ náà, wọ́n á fi pó-ò-pí dì í. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wọ́n á tú u, wọ́n á tún un tọ́, wọ́n á sì tún dì í. Ó máa ń tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n tún máa ń ṣiṣẹ́ abẹ kékeré fún ní iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló kan bàtà méjì tí irin so pọ̀: wákàtí 23 lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, kó tó wá di ìgbà oorun nìkan títí ọmọ á fi tó bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Bí wọ́n bá pa bàtà yẹn tì, ẹsẹ̀ lè padà yí.

Ẹgbẹ́ yìí fẹ́ tọrọ owó, ẹnì kan sì ti kọ ọ̀rọ̀ yìí fún wọn:

«Ẹ wo ọmọ yìí, ẹ ṣàánú! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ́. Ìyá rẹ̀ kò ní olùrànlọ́wọ́, ẹkún ló ń sun tọ̀sán-tòru. Bàbá ọmọ ti sá lọ. Àwọn ará àdúgbò ní ẹ̀mí òkùnkùn ló wà lára rẹ̀. Bí ẹ kò bá dìde lónìí, yóò di alágbe lójú títì. Ẹ̀yin nìkan ló kù fún un.»

Ọ̀nà kan wà tí mo fi máa ń yẹ irú ọ̀rọ̀ báyìí wò: ta ló ń ṣe kí ni nínú rẹ̀? Ẹkún nìkan ni ìyá yìí ń sun. Bàbá sá lọ. Àdúgbò ń sọ̀sọkúsọ. Olùgbọ́ nìkan ni wọ́n retí pé kó dìde. Bẹ́ẹ̀, ìyá yìí kan náà ló ń gbé ọmọ láti Ìṣẹ́yìn lọ sí Ìbàdàn lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tó ti ń ná owó èsúsú rẹ̀ sí owó ọkọ̀, tó mọ bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọmọ kó má baà jẹ́ pé pó-ò-pí ti fún un jù. Kò sí ẹyọ kan nínú èyí tó wọnú ìkéde.

Àwọn gbólóhùn yòókù náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Ta ló bi bàbá ọmọ léèrè kí wọ́n tó ní ó sá? Ẹni tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ wọ́, tó ń ránṣọ tàbí tó ń kọ́ni nílé ìwé, ló jókòó ti rédíò yẹn tó ń gbọ́ pé alágbe ni irú òun ń dà. Ní ti ẹ̀mí òkùnkùn, bí wọ́n tilẹ̀ kà á láti fi bu àwọn ará àdúgbò, ọ̀rọ̀ náà ni yóò kù sí etí àwọn ọmọ tí wọn yóò jọ lọ sílé ìwé.

Ẹni tó kọ ọ́ lè ní owó lòun ń wá, kì í ṣe ẹ̀yẹ. Kò ṣàì ní ẹ̀rí. Ní 2007, Deborah Small, George Loewenstein àti Paul Slovic tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé àwọn èèyàn dáwó ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọbìnrin kan ní Málì, tí wọ́n pè ní Rokia, ju ìgbà tí wọ́n ka iye ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ebi ń pa fún wọn. Nígbà tí wọ́n tilẹ̀ pa ìtàn rẹ̀ àti iye yẹn pọ̀, owó rẹ̀ dínkù. Mo gba ẹ̀kọ́ yìí tọkàntọkàn: ẹnì kan ṣoṣo ni kí ìkéde dá lé. Àmọ́ ìwádìí náà kò wé ọmọ tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún mọ́ ọmọ tí wọ́n tàbùkù, nítorí náà kò lè dájọ́ fún wa níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Amref dán ohun tó sún mọ́ ọn wò. Wọ́n fi lẹ́tà oríṣi méjì ránṣẹ́ sí àwọn olùrànlọ́wọ́ wọn ní Bìrìtìkó: àwọn akọ̀wé ìtọrọ owó ló kọ ọ̀kan, òṣìṣẹ́ ìlera kan ní Kibera, ní Nairobi, ló fi ọ̀rọ̀ àti àwòrán tirẹ̀ ṣe èkejì. Ti ọkùnrin Kibera ló pa owó jù. Ìdánwò kan péré ni, kò parí àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n ó tó láti fi bi ẹni tó ní ẹkún nìkan ló ń tú àpò.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí mo tún kọ:

«Àyìnkẹ́ ni orúkọ tó ní ká fi pe òun. Òwú ló ń tà fún àwọn ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń wọ ọkọ̀ ìdájí pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọmọ oṣù méjì lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn. Wọ́n bí ọmọ náà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yí sínú. Kò sí ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe tó fà á. Dókítà ti di pó-ò-pí kẹta. Ó ku mẹ́ta, ó ku iṣẹ́ abẹ kékeré, ó ku bàtà onírin. Àyìnkẹ́ ní: ‘Owó ọkọ̀, mò ń wá a. Ti bàtà yẹn ni apá mi ò ká.’ Bàtà ni ẹgbẹ́ wa ń rà. Ẹ lè dá owó odidi, ẹ lè dá díẹ̀ níbẹ̀. Bí owó bá ju ti ọmọ yìí lọ, ọmọ tó tẹ̀ lé e ni a ó fi ra tirẹ̀ fún.»

Iye bàtà á wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń tà á lọ́sẹ̀ tí ìkéde jáde. N kò kọ pé ọmọ yóò sáré, nítorí dókítà kò tíì sọ bẹ́ẹ̀, bàtà ọdún mẹ́rin sì wà níwájú. Àánú wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣòro ti kúrò lára èèyàn, ó ti bọ́ sórí iye bàtà.

Orúkọ gba àròjinlẹ̀ nílẹ̀ wa. Orúkọ ọmọ la fi ń pe ìyá, nítorí náà bí ẹ bá fi orúkọ abísọ obìnrin pamọ́ tí ẹ wá ní «Ìyá Káyọ̀dé», ẹ ti fi ọmọ hàn. Bí ẹ bá tilẹ̀ pààrọ̀ méjèèjì, ohùn rẹ̀ á tú u fó lọ́jà Ìṣẹ́yìn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ẹni tí kò fẹ́ kó gbọ́. Bó bá dárúkọ ìyá ọkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹ má sì dárúkọ ìlú.

Ìgbà tí ẹ bèèrè tún ṣe pàtàkì ju fọ́ọ̀mù tó fọwọ́ sí lọ. Ta ló fẹ́ sọ pé rárá fún ẹni tó fẹ́ bá a sanwó? Kí ẹgbẹ́ ti kọ́kọ́ gbà láti san, kí ìyá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí kì í di àpò owó mú tó wá bi í nípa ìkéde. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, ti 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn tó gba ìṣọ́ra jù. Ẹ sọ fún un kedere pé ó lè yí ọkàn padà, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti bọ́ sórí wọ́sáàpù kò ṣeé kó padà. Kí ẹ sì tan ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ fún un gbọ́, kí ó yọ èyí tó bá fẹ́.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ kẹ́yìn ni ilé iṣẹ́ rédíò. Ẹ fún sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní bébà, yóò fi «ẹ gbà á lọ́wọ́ ikú» kún un, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á sì fi orin arò sí i. Èyí tí Àyìnkẹ́ ti gbọ́ tó fọwọ́ sí gan-an ni kí ẹ gbé lọ, nínú fáìlì tó ti parí, kí ẹ sì bá wọn kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọn kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kún un.