Gbólóhùn alága: bí mo ṣe ń gé ìṣẹ́jú kan jáde nínú láìfù gígùn

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ láìfù tó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀, tí gbogbo ẹgbẹ́ Wásáàpù ń sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé ibi tó ṣe kókó fún wa.”

Ẹ jẹ́ ká fi ìpàdé àdúgbò kan ṣe àpẹẹrẹ. Wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú ni láìfù náà, àmọ́ ohun tí wọ́n ń wá ni ibi tí alága ti sọ pé, “Bí wọn ò bá tún tíráńsífọ́mà ṣe, a ò ní san owó iná mọ́.” Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú àáyá méjì péré pẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, “a ò ní san owó iná mọ́” nìkan ló máa kù. Àdéhùn ti di ìpinnu nìyẹn, alága á sì máa ṣàlàyé títí. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹni tó béèrè ìbéèrè ti la ẹnu.

Kí ló dé tí fídíò fi máa ń bẹ̀rẹ̀ síbi tí a ò sọ? Kì í ṣe gbogbo àwòrán inú fídíò ló pé. Àwòrán odindi máa ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wà láàárín kàn ń sọ ohun tó yí padà ni. Fún láìfù, Yútúùbù ní kí odindi máa wá ní ìṣẹ́jú àáyá méjì méjì, kó má ju mẹ́rin lọ. Áàpù tó bá ń gé fídíò láìtún un ṣe máa ń yára gan-an, àmọ́ kò lè bẹ̀rẹ̀ láàárín odindi méjì. Yálà kó padà sẹ́yìn, tàbí kí ohùn máa lọ kí àwòrán dúró gbagidi. Ẹ wo ètè ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa rí i.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń tún ìwọ̀nba tí mo gé yẹn ṣe. Lórí kọ̀ǹpútà, tàbí nínú Termux lórí Android:

```
ffmpeg -ss 01:47:12 -i ipade.mp4 -t 58 \
  -vf scale=-2:480 -c:v libx264 -crf 26 -c:a aac ege.mp4
```

`-ss` ni ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ṣáájú `-i` ni kò fi ní ka gbogbo wákàtí tó ti kọjá. `-t` ni iye ìṣẹ́jú àáyá tí a fẹ́.

Ọ̀rọ̀ dátà náà wà níbẹ̀. Bí láìfù bá ń lo kílóbíìtì 4,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú kan á tó mẹ́gábáìtì 34. Èmi kì í jẹ́ kó kọjá 16, torí ẹni tó ra dátà kékeré náà wà nínú ẹgbẹ́. Bó bá ṣì wúwo, mo máa sọ 26 di 28. Ojú á ṣú díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ la fẹ́ gbọ́.

Mo máa kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ara mi, kí n wò ó lórí fóònù. Lábẹ́ fídíò náà, mo máa ń kọ àkókò tó ti wá, 1:47:12, kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè lọ wo odindi rẹ̀.