Ìbò Dín Kù, Ìpín Pọ̀ Sí I: Àtẹ Wo Ló Yẹ Ká Yà?

Nínú ìdìbò ààrẹ Nàìjíríà ti ọdún 2015, ìbò 15,424,921 ni Muhammadu Buhari ní. Nígbà tó tún díje ní 2019, ó ní 15,191,847. Ìbò rẹ̀ fi ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba dín sí ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá ní ká wo ìpín rẹ̀ nínú gbogbo ìbò tó bófin mu, ọ̀rọ̀ yí padà: ìdá 53.96 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ní 2015, ó sì gòkè sí ìdá 55.60 ní 2019. Ìbò dín kù, ìpín pọ̀ sí i, kò sì sí irọ́ nínú méjèèjì. Àpapọ̀ ìbò gan-an ló sún kì, láti 28,587,564 sí 27,324,583.

Ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán irú èsì báyìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìbéèrè tó ń dáhùn. Ṣé bí nǹkan ṣe ń yí padà láti ọdún kan sí òmíràn ló fẹ́ fi hàn ni, àbí bí odindi kan ṣe pín? Ìbéèrè méjì nìyẹn, àtẹ kan náà kọ́ ló sì yẹ wọ́n.

Ará Skọ́tílándì kan tó ń jẹ́ William Playfair ti fi ìyàtọ̀ yìí hàn tipẹ́. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1786, ìlà tó ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ ló fi ṣàfihàn ọjà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kó wọlé àti èyí tó ń kó jáde bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ní 1801, nínú ìwé mìíràn, ó ya òbìrípo kan, ó pín in sí mẹ́ta, ó fi sọ èyí tó wà ní Éṣíà, ní Yúróòpù àti ní Áfíríkà nínú ilẹ̀ ìjọba Tọ́kì ìgbà náà. Ìlà ló lò fún ìgbà, òbìrípo ló lò fún ìpín.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbà

Ẹ jẹ́ ká mú àpapọ̀ ìbò tó bófin mu nínú ìdìbò ààrẹ mẹ́rin. Ní 2011, ó tó mílíọ̀nù 38.2. Ó di mílíọ̀nù 28.6 ní 2015, mílíọ̀nù 27.3 ní 2019, àti mílíọ̀nù 24.0 ní 2023. A ó to ọdún sí ìsàlẹ̀ àtẹ láti òsì lọ sí ọ̀tún, a ó to iye ìbò sí ẹ̀gbẹ́ láti òdo lọ sókè, a ó fi àmì sí ibi tí iye ọdún kọ̀ọ̀kan bọ́ sí, a ó sì fi ìlà so wọ́n pọ̀. Ohun tí ojú ń kà níbẹ̀ ni bí ìlà náà ṣe dagun tó. Láti 2011 sí 2015, ó já wálẹ̀ gan-an. Láti 2015 sí 2019, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Kò dìgbà tí òǹkàwé bá ṣe ìṣirò kankan kó tó mọ ibi tí ìbò ti já jù.

Àlàfo tó wà láàárín àmì méjì gbọ́dọ̀ bá iye ọdún tó wà láàárín wọn mu. Ká ní ti 2003, 2011 àti 2023 nìkan ló wà lọ́wọ́ wa, ọdún mẹ́jọ ló wà láàárín méjì àkọ́kọ́, méjìlá ló wà láàárín méjì tó kẹ́yìn. Tí a bá fi àlàfo kan náà sí wọn, bí ìlà ṣe dagun kò ní jóòótọ́ mọ́. Bákan náà, a kì í fi ìlà so ìbò ẹgbẹ́ APC mọ́ ti PDP nínú ìdìbò kan ṣoṣo, nítorí kò sí ohun tó ń rìn láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ èkejì.

A lè fi ọ̀pá dípò ìlà níwọ̀n ìgbà tí àmì ò pọ̀. Àmọ́ òdo ni ẹsẹ̀ ọ̀pá gbọ́dọ̀ wà. Tí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ àtẹ rẹ̀ láti mílíọ̀nù 20, ọ̀pá ti 2023 ò ní tó ìdá kan nínú mẹ́rin ti 2011 lójú, bẹ́ẹ̀ ó lé ní ìdajì dáadáa ní ti òótọ́.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpín

Ní 2023, ìdá 36.61 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ni Bola Tinubu ní, Atiku Abubakar ní 29.07, Peter Obi ní 25.40, Rabiu Kwankwaso ní 6.23, àwọn yòókù sì pín èyí tó kù. Iye yìí yẹ òbìrípo: gbogbo rẹ̀ para pọ̀ di ọgọ́rùn-ún, ìbò ẹnì kan kò sì sí nínú ti ẹlòmíràn. Dígírì 360 ló yí òbìrípo po, nítorí náà ìpín Tinubu yóò gba bíi 132. Ojú á tètè rí i pé kò tó ìdajì, á sì rí i pé ti Obi lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ibi tó ti nira ni láàárín Atiku àti Obi. Ìbò 882,987 ló wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n nínú òbìrípo, bíi dígírì 105 ni ti ọ̀kan, 91 ni ti èkejì. Ojú èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ irú èyí. William Cleveland àti Robert McGill, onímọ̀ ìṣirò méjì ní Amẹ́ríkà, dán an wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1984: àwọn èèyàn ń ṣèdíwọ̀n ohun tó jọ dúró lórí ìlà kan náà dáadáa ju bí wọ́n ṣe ń ṣèdíwọ̀n igun lọ. Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé ẹni tó ṣáájú ẹnì kejì rẹ̀ la fẹ́ fi hàn, ẹ to ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí gígùn wọn sọ̀rọ̀.

Tí méjèèjì bá pàdé

Ẹ wá padà sí 2015 àti 2019. Tí a bá ya òbìrípo kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan, òǹkàwé á rí i pé ìpín Buhari fẹ̀ sí i, á sì gbà pé èrò tó dìbò fún un ló pọ̀ sí i. Òbìrípo ò lè sọ fún un pé ìbò tó lé ní mílíọ̀nù kan ti kúrò nínú odindi náà, torí pé kíkún ló máa ń kún nígbà gbogbo. Ìdajì iṣu kékeré lè má tó ìdá kan nínú mẹ́ta iṣu ńlá.

Ọ̀pá tí a gé sí wẹ́wẹ́ ló lè gbé òótọ́ méjèèjì. A ó ya ọ̀pá kan fún 2015, kó ga tó mílíọ̀nù 28.6, kí àwọ̀ ti Buhari wà nísàlẹ̀ títí dé 15.4. Ti 2019 á ga tó 27.3, àwọ̀ rẹ̀ á sì dé 15.2. Odindi kúrú sí i, apá ìsàlẹ̀ náà kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó gbà nínú ọ̀pá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àtẹ yìí náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Apá ìsàlẹ̀ nìkan ló dúró lórí òdo. Ìbò Goodluck Jonathan ní 2015 àti ti Atiku ní 2019 máa wà lókè, ibi tí wọn ti bẹ̀rẹ̀ ò sì dọ́gba, kò ní rọrùn láti fi wọ́n wéra. Ẹni tí ọ̀rọ̀ wa dá lé ló yẹ kó wà nísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé gbogbo wọn la fẹ́ tọ́ka sí, ká fa ìlà ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Ìwọ òǹkàwé náà, tí o bá rí òbìrípo méjì tí wọ́n fi wé ọdún méjì nínú ìwé ìròyìn, wá iye àpapọ̀ tó yẹ kó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Tí kò bá sí níbẹ̀, má ṣe gbà pé ohunkóhun pọ̀ sí i tàbí pé ó dín kù. Bí wọ́n ṣe pín in nìkan ni wọ́n sọ fún ọ.