Nígbà Tí Ètò Kọ̀ǹpútà Bá Pọ̀ Nílé-Iṣẹ́ Kan

Bí ènìyàn bá ṣí ìpolówó iṣẹ́ kan lórí LinkedIn, ètò kọ̀ǹpútà tó gbé e síwájú rẹ̀ ti ṣe tirẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ètò mìíràn nínú ilé-iṣẹ́ náà ló fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kan wò ó. Èyí tó ń ka iye òǹwòran fún agbanisíṣẹ́ fẹ́ gbọ́. Èyí tó ń dábàá iṣẹ́ fẹ́ gbọ́, kó má baà máa gbé ohun kan náà fún ẹni kan náà. Ibi tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ jọ sí fún ìwádìí náà fẹ́ ẹ̀dà tirẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn ni ìsopọ̀ ojúkojú: kí ètò kan máa pe èkejì ní tààrà. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀ bí wọn kò bá ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ó yára, bí nǹkan bá sì bàjẹ́, ojú ẹsẹ̀ la ó mọ̀. Iye ni ó ń sọ ọ́ di wàhálà. Bí ètò 5 bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tán, ìsopọ̀ 10 ni. Bí wọ́n bá di 10, ó di 45. Bí wọ́n bá di 20, ó di 190. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo wọn ló máa ń nílò ara wọn, síbẹ̀ ọ̀nà ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń gbà. Èyí tó tún wá burú jù ni pé ètò tó ń fi ìpolówó hàn gbọ́dọ̀ mọ ibi tí gbogbo àwọn yòókù wà àti bí wọ́n ṣe fẹ́ gba ọ̀rọ̀. Bí èyí tó ń ka òǹwòran bá ń falẹ̀, ẹni tó ń wáṣẹ́ ni yóò jókòó máa retí ohun tí kò kàn án.

Jay Kreps, Neha Narkhede àti Jun Rao wà lára àwọn tó wá ojútùú sí i ní LinkedIn. Kafka ni wọ́n pe alárinà tí wọ́n kọ́, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́dún 2011. Ètò tó fi ìpolówó hàn kò pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ńṣe ló ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà sílẹ̀: ta ló wò, ìpolówó wo, nígbà wo. Ìlà ń tẹ̀ lé ìlà bí ìwé alájọ, ẹni tó bá nílò rẹ̀ yóò wá kà á fúnra rẹ̀, yóò sì sàmì sí ibi tó kà dé. Bí èyí tó ń ka òǹwòran bá kú fún wákàtí méjì, ibi àmì rẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá jí. Bí ètò tuntun bá dé lọ́dún tó ń bọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kò sí ẹni tó ní láti tún ètò ìpolówó ṣe. Ọ̀pọ̀ alárinà àtijọ́ máa ń pa iṣẹ́ tí a rán rẹ́ gbàrà tó bá ti jẹ́ ẹ, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni kò bá yí ètò Kafka padà, ọjọ́ 7 ni yóò fi pa á mọ́, yálà wọ́n kà á tàbí wọn kò kà á. Òǹkàwé tó bá sùn ju bẹ́ẹ̀ lọ ti pàdánù.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti ń dani láàmú. Ètò tó ń kà ka ìlà 1001 dé 1050, ó fi òǹwòran 50 kún iye rẹ̀, ó wá kú kó tó sún àmì rẹ̀ síwájú. Nígbà tó jí, ó tún ìlà 50 yẹn kà. Iye òǹwòran ti lé, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan tó jáde. Ìdí nìyí tí ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, kí òǹkàwé lè fo èyí tó ti kà tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni kó máa tọ́jú iye àti àmì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan má lè yí láìsí èkejì.

Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni mo kà sí owó tí a ń san fún ìrọ̀rùn náà. Nínú ìsopọ̀ ojúkojú, ìkùnà máa ń pariwo. Níbí, òǹkàwé lè máa rìn bí ẹni tí ara rẹ̀ le, kó sì ti fi wákàtí mẹ́ta wà lẹ́yìn. Àlàfo tó wà láàárín ìlà tí wọ́n kọ kẹ́yìn àti àmì òǹkàwé ló yẹ ká máa wò lójoojúmọ́. Bó bá ń fẹ̀ sí i láìdínkù, òǹkàwé náà kò lè bá iṣẹ́ tó ń wọlé mu.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ fún alárinà bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá fi káàdì sẹ́nu ATM, ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ nísinsìnyí bóyá owó wà nínú àkáǹtì rẹ̀; ojúkojú ni kó ti béèrè. Lẹ́yìn tí owó bá ti jáde, a lè kọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà sílẹ̀ kí ètò tó ń fi alẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ àti èyí tó ń ṣe àkójọ oṣooṣù wá kà á. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé: ǹjẹ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ rí ìdáhùn kó tó tẹ̀ síwájú? Ilé-iṣẹ́ tó ní ètò mẹ́rin péré kò sì nílò Kafka rárá, nítorí ó ń fẹ́ ẹ̀rọ tirẹ̀, tí wọ́n sábà máa ń tó mẹ́ta kí ọ̀kan lè kú láìba iṣẹ́ jẹ́, ó sì ń fẹ́ ẹni tí yóò máa ṣọ́ wọn tọ̀sán-tòru.