Egbò Abẹ́ Tí Kì Í Dunni

Ká ní awakọ̀ kan rí egbò kan lára nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn tó bá obìnrin kan sùn. Etí egbò náà le, kò sì dùn ún rárá. Ó ra kápúsù mélòó kan ní kẹ́míìsì, egbò jiná, ó gbà pé oògùn ló ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n egbò sífílíìsì sábà máa ń jiná fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 6, kí àrùn náà ṣì wà lára. Tó bá yá, ara lè sú títí dé àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè ba ọkàn tàbí ọpọlọ jẹ́. Aboyún sì lè kó o ran ọmọ inú rẹ̀.

Hápíìsì yàtọ̀. Ara á kọ́kọ́ máa yúnni, ìléròrò wẹ́wẹ́ olómi á yọ papọ̀, wọ́n á bẹ́, wọ́n á sì máa tani, pàápàá téèyàn bá ń tọ̀. Oògùn lè dẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kò lè lé e tán lára.

Abẹ ìfárun tàbí ọṣẹ tí ara kọ̀ náà lè fa egbò, nítorí náà ojú lásán kò tó. Ìléròrò tútù ni wọ́n ti ń gba omi fún àyẹ̀wò hápíìsì. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò fún sífílíìsì; tí kò bá tíì hàn, a ó tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Abẹ́rẹ́ pẹnisílìn ẹ̀ẹ̀kan ló sábà ń wo sífílíìsì tí a tètè rí. Ẹ lọ sílé ìwòsàn kí egbò tó jiná, kí ẹ sì mú ẹnìkejì yín dání.